Fọ́múlà dífídẹ́ǹdì sọ pé ṣíà mi tó máínọ́sì 142, ibo ni mo ti ṣì í?

Àbẹ̀kẹ́22
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣíà kan wà tí mò ń wò, dífídẹ́ǹdì tí wọ́n pín lọ́dún márùn-ún tó kọjá ni 1.20, 1.36, 1.54, 1.76 àti 2.00. Mo ṣírò rẹ̀, ó ń fi 13.6% lé sí i lọ́dọọdún, ìyẹn ni g. Èrè tí mo fẹ́ gbà lórí owó mi jẹ́ 12%, ìyẹn ni r. Mo wá kó gbogbo ẹ̀ sínú fọ́múlà, ìyẹn dífídẹ́ǹdì ọdún tó ń bọ̀ pín sí ohun tó kù bá a bá yọ g kúrò nínú r, ó ní ṣíà yìí tó máínọ́sì 142. Ọjà sì ń tà á ní 50. Ibo ni mo ti ṣì í?

Túndé_Kíákíá
Àǹtí mi, g yín ló ga jù. Fọ́múlà yẹn ò gbà kí g ju r lọ rárá. Ẹ rọra máa fà á wálẹ̀, ẹ gbé e sí 10 kẹ́ ẹ wò ó, bí kò bá tíì dáa ẹ gbé e sí 8, ibi tí ìdáhùn bá ti súnmọ́ 50 tí ọjà ń tà á ni kẹ́ ẹ dúró sí, g tòótọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe máa ń ṣe tèmi nìyẹn.

Bàbá Oníṣirò
Túndé, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ dáa. Lóòótọ́ ni pé g ò gbọ́dọ̀ ju r lọ. Ṣùgbọ́n bó o bá ń fa g wálẹ̀ títí ìdáhùn á fi bá 50 mu, ọjà lo bi léèrè iye tí ṣíà tó, ọjà sì dá ẹ lóhùn pé 50. O ò ní rí ṣíà tó wọ́n tàbí tó pọ̀ láyé ẹ báyẹn. Ọ̀nà kan wà tí ohun tó o ṣe yẹn fi wúlò, mà á padà síbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká wo ibi tí máínọ́sì yẹn ti wá, torí kì í ṣe pé ọwọ́ ẹ ṣì lórí kalukuléítọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn fọ́múlà yìí ni pé kéèyàn mú dífídẹ́ǹdì ọdún kọ̀ọ̀kan láti ọdún tó ń bọ̀ títí láé, kó yọ iye tí dídúró de owó náà ń jẹ nínú rẹ̀, kó wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Fọ́múlà kàn jẹ́ ọ̀nà àbùjá fún àròpọ̀ yẹn ni. Ó dáa, ẹ wá jẹ́ ká gba ọ̀nà tó jìn pẹ̀lú nọ́ńbà tìẹ. Dífídẹ́ǹdì ọdún tó ń bọ̀ á jẹ́ 2.272, bá a bá fi 12% dá a padà sí òní ó jẹ́ 2.03. Ti ọdún kejì á jẹ́ 2.58, òní ó jẹ́ 2.06. Ọdún kẹta, 2.09. Ọdún kẹrin, 2.12. Ṣó o rí i? Bó ṣe ń jìnnà ló ń tóbi sí i, dípò kó máa kéré. Owó tí wọ́n máa san lọ́gọ́rùn-ún ọdún sí i á wá ṣe pàtàkì ju ti ọdún tó ń bọ̀ lọ. Àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lópin, kò sì ní ìdáhùn. Ọ̀nà àbùjá gba ibi tí ọ̀nà ò sí, ohun tó gbé wálé ni máínọ́sì 142. Kò túmọ̀ sí pé ṣíà náà ò níye lórí o, kò túmọ̀ sí nǹkan kan ni.

Fi wé g tó jẹ́ 5%. Ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 1.88 lówó òní, ọdún kejì 1.76, ọdún kẹta 1.65, ó ń tín-ín-rín lọ, tó bá yá ohun tó ń wọlé sínú àròpọ̀ ò tó nǹkan mọ́. Ìyẹn lópin, ó sì parí sí 30.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù nìyí. Ká ní 11.9% ni Àbẹ̀kẹ́ rí dípò 13.6%, máínọ́sì ò ní yọjú, r á ga ju g lọ, gbogbo òfin á pé. Fọ́múlà á ní ṣíà náà tó 2,238. Èyí tí ọjà ń tà ní 50! Máínọ́sì ṣe é lóore ni, torí ó jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa. Èmi ì bá bẹ̀rù 2,238 ju máínọ́sì 142 lọ, torí ẹlòmíì á gbà á gbọ́.

Ìyá_Ìdúnnú
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lù yín. Ṣíà tèmi ò pín dífídẹ́ǹdì rí látìgbà tí mo ti rà á, ọdún kẹrin rèé. Mo fi sínú fọ́múlà yín yìí, ó fún mi ní òfo. Ṣé kí n tètè tà á ni? Ẹ̀rù ń bà mí o.

Àyọ̀ká_Akáǹtì
Mà, ẹ má torí òfo yẹn ta nǹkan kan. Òfo lẹ fi síbi tí dífídẹ́ǹdì ń gbé, òfo ló máa jáde, g tàbí r yòówù kẹ́ ẹ fi tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ tí kò tíì máa pín owó ò sí lára àwọn tí fọ́múlà yìí wà fún. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni owó tó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ná èyí tí iṣẹ́ wọn ń fẹ́, àti bóyá owó náà ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ ṣí i lọ́tọ̀, mà á wá síbẹ̀.

Ìyá_Ìdúnnú
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mà á ṣí i lálẹ́ òní.

Bàbá Oníṣirò
Àbẹ̀kẹ́, bá mi mú nǹkan mẹ́ta jáde nínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yẹn: èrè orí ṣíà kan lọ́dún àkọ́kọ́ nínú márùn-ún yẹn, èrè orí ṣíà kan lọ́dún tó kẹ́yìn, àti owó àwọn onípìn-ín tó bọ́ sórí ṣíà kan nígbà tí ọdún tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Orí dífídẹ́ǹdì nìkan lo dúró sí, ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wà.

Àbẹ̀kẹ́22
Mo ti rí wọn sà. Ọdún àkọ́kọ́ èrè jẹ́ 2.40. Ọdún tó kẹ́yìn 3.20. Owó àwọn onípìn-ín jẹ́ 20 géérégé lórí ṣíà kan.

Àyọ̀ká_Akáǹtì
Háà, mo ti rí i. Bàbá ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, torí iṣẹ́ mi ojoojúmọ́ ni.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ wo dífídẹ́ǹdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè. Lọ́dún àkọ́kọ́ wọ́n pa 2.40, wọ́n pín 1.20, ìdajì géérégé nìyẹn. Lọ́dún tó kẹ́yìn wọ́n pa 3.20, wọ́n pín 2.00, ìyẹn ti di 62.5%. Èrè wọn fúnra ẹ̀ láti 2.40 dé 3.20, nǹkan bí 7.5% péré ló ń fi dàgbà lọ́dọọdún. Níbo wá ni 13.6% ti wá? Èyí tó kù wá láti inú pé wọ́n ń bu apá tó tóbi sí i nínú èrè lọ́dọọdún fún àwọn onípìn-ín. Nǹkan méjì ló ń sún dífídẹ́ǹdì yẹn sókè, ọ̀kan ṣeé ṣe kó máa lọ fún ìgbà pípẹ́, èkejì ò ṣeé ṣe. Apá tí wọ́n ń bù yẹn ń fi nǹkan bí 5.7% tóbi sí i lọ́dọọdún, bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti 62.5%, kí ọdún kẹsàn-án tó pé gbogbo èrè ni wọ́n á máa pín tán, kò ní sí kọ́bọ̀ kan tó máa kù nílé. Fọ́múlà yín sì ní kí wọ́n máa ṣe é títí láé.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbì kan tí dífídẹ́ǹdì ń gòkè lọ́dọọdún, inú gbogbo èèyàn ń dùn, àwa tá a jókòó ti ìwé là ń rí i pé èrè dúró lójú kan, wọ́n sì ń yáwó láti fi ra ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n fi èrè rà. Ọdún tí wọ́n gé dífídẹ́ǹdì sí ìdajì, àwọn tó fi ìdàgbàsókè àtẹ̀yìnwá ṣe ìṣirò wọn ló kọ́kọ́ sunkún. Látìgbà yẹn n kì í wo dífídẹ́ǹdì láìwo èrè.

Bàbá Oníṣirò
Àyọ̀ká, o ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí gan-an nìyẹn, o sì sọ ọ́ dáadáa ju bí èmi ì bá ṣe sọ ọ́ lọ.

Àbẹ̀kẹ́, ibi tó yẹ kí g ti wá rèé. Nínú 3.20 tí wọ́n pa, wọ́n pín 2.00, 1.20 kù sínú ilé-iṣẹ́. Kí ni 1.20 yẹn máa ṣe? Owó àwọn onípìn-ín jẹ́ 20, ó sì pa 3.20, ìyẹn ni pé owó tó bá wà nínú ilé-iṣẹ́ yìí ń pa 16%. Bí 1.20 tó kù náà bá pa 16% bíi tàwọn tó kù, á mú 0.192 wá lọ́dún tó ń bọ̀. Fi 0.192 wé 3.20, 6% ni. Ìdàgbàsókè ẹ nìyẹn. Kò sí idán níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ń dàgbà torí ó fi owó sílẹ̀, owó náà sì ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ pé kéèyàn sọ ìdá tí wọ́n dá dúró di púpọ̀ ní èrè tí owó onípìn-ín ń pa: 37.5% lọ́nà 16%, ó jẹ́ 6%.

Fi 6% sínú fọ́múlà. Dífídẹ́ǹdì tó ń bọ̀ jẹ́ 2.12, kì í ṣe 2.00 o, èyí tí wọ́n ti pín lánàá ò kàn ẹ́ mọ́, ẹni tó rà á lónìí ò ní í gbà á. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn. 2.12 pín sí 0.06, ó jẹ́ 35.33.

Bó o bá fẹ́ fi sínú Excel, jẹ́ kí B1 jẹ́ dífídẹ́ǹdì tó kọjá, B2 jẹ́ g, B3 jẹ́ r:

```
=IF(B3>B2, B1*(1+B2)/(B3-B2), NA())
```

NA() yẹn ni kò ní jẹ́ kí máínọ́sì 142 tàn ẹ́ mọ́.

Túndé_Kíákíá
Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó tó 35, wọ́n ń tà á ní 50. Ó wọ́n jù. Àǹtí mi, ẹ fi sílẹ̀.

Lékè_Bọ́ǹdì
Rọra o Túndé. Gbogbo yín lẹ ti ń pariwo g látàárọ̀, kò sẹ́ni tó bi Àbẹ̀kẹ́ bó ṣe dé 12%. Ẹ jẹ́ kí g wà ní 6% bí Bàbá ṣe fi hàn wá. Bí r bá jẹ́ 12, ó jẹ́ 35.33. Bí r bá jẹ́ 11, ó jẹ́ 42.40. Bí r bá jẹ́ 10, ó jẹ́ 53. Pásẹ́ǹtì méjì péré, ṣíà tó wọ́n ti di ṣíà tó pọ̀. Àbẹ̀kẹ́, báwo lẹ ṣe rí 12?

Àbẹ̀kẹ́22
Hmm. Ká sòótọ́, bọ́ǹdì ìjọba tó pẹ́ ń san 8% ní báyìí, mo wá fi 4% lé e torí pé ṣíà léwu ju bọ́ǹdì lọ. 4 yẹn, mi ò lè sọ ìdí ẹ̀ pàtó, ó kàn dà bíi pé ó bójú mu lójú mi.

Lékè_Bọ́ǹdì
Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí. Mi ò sọ pé 4 ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì á fi 3 lé e, ìyẹn náà bójú mu, ìdáhùn ẹ̀ á fi 7 ju tiyín lọ. Ohun tó ń pín dífídẹ́ǹdì yẹn ni àlàfo tó wà láàárín r àti g, àlàfo náà sì kéré, 0.06 péré. Nǹkan tó kéré báyẹn, bẹ́ ẹ bá yọ 0.01 kúrò lára ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà ẹ̀ lẹ yọ. Ní tèmi o, fọ́múlà tí èrò inú ẹnì kan lè sún báyìí, mi ò rí ohun tó ń fi hàn mí tí mi ò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn bọ́ǹdì torí iye tí wọ́n máa san wà lákọsílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa san án náà wà lákọsílẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń rí. Àwọn kan á mú g tí wọ́n ti yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú ẹ̀, wọ́n á wá fi bá r tí ọ̀wọ́ngógó ṣì wà nínú ẹ̀ jà. Àlàfo á fẹ̀ láìnídìí, gbogbo ṣíà á dà bíi pé ó wọ́n. Bí ọ̀wọ́ngógó bá wà nínú ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó wà nínú èkejì.

Bàbá Oníṣirò
Ọ̀rọ̀ Lékè lórí ọ̀wọ́ngógó yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó sọ nípa àlàfo náà, bẹ́ẹ̀ ló rí, mi ò lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé fọ́múlà ò fi nǹkan kan hàn. Ó sinmi lórí ohun tá a bi í. Bá a bá bi í pé "èló ni ṣíà yìí tó", ìdáhùn ẹ̀ á máa fò káàkiri. Ẹ jẹ́ ká bi í lódì kejì.

Myron Gordon tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pe fọ́múlà yìí, nígbà tí òun àti Eli Shapiro gbé e jáde lọ́dún 1956, kì í ṣe iye owó ṣíà ni wọ́n fi ń wá. Wọ́n mú iye tí ọjà ń tà á bí wọ́n ṣe bá a, wọ́n wá fi wá èrè tí àwọn olówó ń bèèrè: dífídẹ́ǹdì tó ń bọ̀ pín sí iye owó, kó o wá fi g kún un. Ní ti ṣíà Àbẹ̀kẹ́, 2.12 pín sí 50 jẹ́ 4.24%, fi 6% kún un, 10.24%. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ra ṣíà yìí ní 50, tí g sì jẹ́ 6%, ohun tó máa rí kò ní tó 12 tí Àbẹ̀kẹ́ ń wá, á rí nǹkan bíi 10. Ìyẹn ò bèèrè pé kí r wá láti ibì kankan. Àbẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa sọ bóyá 10 tó òun nígbà tí bọ́ǹdì ń san 8.

Bó o bá sì di 12 mú, g lo máa wá. Jẹ́ kí B4 jẹ́ iye tí ọjà ń tà á:

```
=(B4*B3-B1)/(B4+B1)
```

50 lọ́nà 0.12 jẹ́ 6, yọ 2 kúrò, ó ku 4, pín in sí 52. Ó jẹ́ 7.69%. Ẹni tó ń ra ṣíà yìí ní 50 tó sì ń retí 12, ohun tó ń sọ láìmọ̀ ni pé dífídẹ́ǹdì á máa fi 7.69% dàgbà títí láé.

Túndé_Kíákíá
Bàbá, ẹ foríjì mí o, ṣé kì í ṣe ohun tí mo sọ láàárọ̀ nìyẹn? Èmi náà ní ká fa g títí á fi dé 50.

Bàbá Oníṣirò
Ọ̀nà ẹ nìyẹn lóòótọ́, ibi tó o dúró sí ló yàtọ̀. Ìwọ dé 7.69, o ní g tòótọ́ nìyẹn, o pa kalukuléítọ̀. Èmi dé 7.69, mo ní ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: ṣé ilé-iṣẹ́ yìí lágbára ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Kí g tó lè jẹ́ 7.69, bí owó wọn bá ń pa 16% bó ṣe wà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa dá 48% èrè dúró. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nínú 3.20, dífídẹ́ǹdì á jẹ́ 1.66, kì í ṣe 2.00. Ṣé ẹ rí ìjàǹbá ibẹ̀? A ò lè máa gba 2.00 ká tún máa retí ìdàgbàsókè ẹni tó ń pín 1.66. Owó kan náà ni, bó bá jáde sọ́wọ́ onípìn-ín kò sí nínú ilé-iṣẹ́ mọ́. Fọ́múlà ò lè sọ ìyẹn fún ẹ, torí ó fi dífídẹ́ǹdì síbì kan, ó fi g síbòmíràn, bíi pé wọn ò mọra. Bí wọn ò bá sì fẹ́ dín 2.00 kù, á jẹ́ pé owó onípìn-ín gbọ́dọ̀ máa pa 20.5% dípò 16%, kì í ṣe lọ́dún kan, títí láé. Àwọn tó ń bá wọn du ọjà, ṣé wọ́n á jókòó máa wò wọ́n ni?

Yàtọ̀ síyẹn, ilé-iṣẹ́ tó bá ń sáré ju ọrọ̀ ajé tó wà nínú ẹ̀ lọ títí láé, ọjọ́ kan á wà tó máa tóbi ju ọrọ̀ ajé náà lọ. Kò ṣeé ṣe. Nítorí náà bí mo bá rí g tó ga ju ohun tí ọrọ̀ ajé ń fi dàgbà pẹ̀lú ọ̀wọ́ngógó, mo máa ń fi ọwọ́ mú un wálẹ̀, ibi yòówù kó ti wá, kódà bó bá wá láti inú ìṣirò tèmi.

Túndé_Kíákíá
Ó yé mi wàyí. Ṣíà mẹ́ta ni mo ti rà lọ́nà tèmi yẹn. Mò ń lọ wo èrè wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dífídẹ́ǹdì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àbẹ̀kẹ́22
Ẹ ṣé gan-an sà. Ìbéèrè kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ká ní wọ́n ṣì lókun fún ọdún díẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka tuntun, dífídẹ́ǹdì lè fi 9% dàgbà fún ọdún mẹ́rin kó tó wá rọlẹ̀ sí 6%. Fọ́múlà ò gba g méjì. Ṣé kí n fi 7 àti ààbọ̀ síbẹ̀ tó jẹ́ àárín wọn ni?

Àyọ̀ká_Akáǹtì
Rárá o, ẹ má fi àárín síbẹ̀. 7.5 títí láé ò jọ 9 fún ọdún mẹ́rin péré rárá, 7.5 á gbé yín lọ sí 47.78 lórí nǹkan tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ni pé kẹ́ ẹ ka ọdún mẹ́rin yẹn níkọ̀ọ̀kan: 2.18, 2.38, 2.59, 2.82. Ẹ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí òní ní 12%, ẹ rò wọ́n pọ̀, 7.48. Lẹ́yìn náà ẹ dúró síparí ọdún kẹrin kẹ́ ẹ lo fọ́múlà níbẹ̀: dífídẹ́ǹdì ọdún karùn-ún á jẹ́ 2.99, pín in sí 0.06, 49.88. Ìyẹn jẹ́ iye tó máa tó nígbà yẹn, ẹ dá a padà sí òní, 31.70. Àpapọ̀ 39.18.

Ọdún mẹ́rin tó le báyẹn, láti 35.33 sí 39.18 péré ló gbé e. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo bí 39.18 yẹn ṣe pín o. 31.70 nínú ẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ọdún kẹrin, ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè rí. Èèyàn á rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ "títí láé" torí òun ka ọdún níkọ̀ọ̀kan, "títí láé" ṣì jókòó síbẹ̀, ó sì gba mẹ́rin nínú márùn-ún owó náà.

Lékè_Bọ́ǹdì
Ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Mẹ́rin nínú márùn-ún! Mi ò lè fi owó mi sórí ìyẹn.

Bàbá Oníṣirò
Lékè, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi fọ́múlà, bí ṣíà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ra ṣíà, ọjọ́ iwájú tó jìn ló rà, yálà ó ṣírò tàbí kò ṣírò. Fọ́múlà kàn jẹ́ kó rí ohun tó rà ni.

Lékè_Bọ́ǹdì
Mo gbọ́ yín Bàbá, mi ò gbà. Ohun tí mi ò lè rí, mi ò fẹ́ kí nọ́ńbà tó ní ẹyọ méjì lẹ́yìn póìǹtì sọ fún mi pé mo ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó sọ pé "láàárín 35 sí 53", kó má sọ 35.33.

Bàbá Oníṣirò
Ìyẹn, mo gbà. "Láàárín" ló yẹ kó jẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ 35.33 ni kí ẹni tó bá ń tẹ̀ lé wa lórí Excel lè mọ̀ pé òun ò ṣì í.

Àbẹ̀kẹ́22
Ẹ kú àárọ̀ o. Mo jókòó ti àkáǹtì wọn lálẹ́ àná. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá 16% yẹn jẹ́ ti ọdún kan ṣoṣo ni. Mo wá padà sí ọdún àkọ́kọ́ nínú márùn-ún yẹn, owó àwọn onípìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 15.1 lórí ṣíà kan, èrè 2.40. Mo pín in, 15.9%. Kò yí padà rárá!

Nígbà náà wọ́n ń dá ìdajì dúró, ìdajì lọ́nà 16 jẹ́ 8, èrè sì fi nǹkan bí 7.5 dàgbà, ó súnmọ́ra. Ní báyìí 37.5% péré ni wọ́n ń dá dúró, ó ti di 6. Ìyẹn ni pé dífídẹ́ǹdì tó ń gòkè tó fà mí wá sídìí ṣíà yìí, òun náà ló ń fa ìdàgbàsókè wọn wálẹ̀. Ìyẹn ò hàn sí mi rárá lánàá.

Ẹ̀gbọ́n Lékè, mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ r. Mi ò tíì ní ìdí pàtó fún 4 tí mo fi lé e, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé 10.24 nígbà tí bọ́ǹdì ń san 8 ò tó mi, ìyẹn dá mi lójú ju 12 lọ. Mi ò ní rà á ní 50. Wọ́n máa kéde dífídẹ́ǹdì tuntun lóṣù tó ń bọ̀, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò ni ìdá tí wọ́n bù nínú èrè. Bó bá ju 62.5 lọ, mà á fi g sí ìsàlẹ̀ 6 kí n tó ṣírò.

Àyọ̀ká_Akáǹtì
Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà sí ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Bí wọ́n bá kéde, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ síbí o. Kẹ́ ẹ sì bá mi wo bóyá wọ́n yáwó kún un lọ́dún yẹn, torí gbèsè lè jẹ́ kí 16 dúró sí 16 nígbà tí iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti ń rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́22
Gbèsè! Mi ò wo ibẹ̀. Mò ń padà lọ báyìí.